Èsì Pọ́sítíìfù: Mélòó Ló Jẹ́ Òótọ́?

Ẹ jẹ́ ká mú irú ìbéèrè kan tó máa ń jáde nínú ìdánwò ìlera àwùjọ. Wọ́n ní olùwádìí kan mú 100 èèyàn tó ní ikọ́ ife, ó mú 100 míì tí kò ní in, ó sì fi àyẹ̀wò tuntun kan yẹ gbogbo wọn wò. Èsì rèé:

| | Ó ní ikọ́ ife | Kò ní in |
|---|---|---|
| Pọ́sítíìfù | 90 | 5 |
| Nẹ́gétíìfù | 10 | 95 |

Sẹnsitífítì, ọwọ̀n àwọn aláìsàn nìkan lẹ máa wò, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Nínú 100, àyẹ̀wò náà rí 90 mú: 90%. Sìpẹsifísítì, ẹ lọ sí ọwọ̀n kejì. Nínú 100 tí kò ní àìsàn, ó dá 95 sílẹ̀: 95%. Kò sí wàhálà níbẹ̀.

PPV ni wàhálà wà. Ìbéèrè tiẹ̀ yàtọ̀: nínú gbogbo àwọn tí èsì wọn jẹ́ pọ́sítíìfù, mélòó ló ní àìsàn lóòótọ́? Ìlà òkè la máa kà, láti ẹ̀gbẹ́ kan dé ìkejì: 90 ÷ 95, ìyẹn 94.7%. Ọ̀pọ̀ á kọ ọ́, wọ́n á sì kọjá.

Ẹ dúró ná. Ta ló ní kí aláìsàn àti ẹni tí ara rẹ̀ le pọ̀ dọ́gba? Olùwádìí yẹn ló mú wọn bẹ́ẹ̀. Èmi, ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ wò nìyẹn kí n tó fọwọ́ kan ẹ̀rọ ìṣirò.

Ká wá ní apá kejì ìbéèrè náà sọ pé nínú ìlú kan, ẹnì kan nínú 100 ló ní ikọ́ ife. Ẹ ya tábìlì tuntun fún 10,000 èèyàn. Aláìsàn jẹ́ 100. Àyẹ̀wò á rí 90 mú, 10 á bọ́. Àwọn 9,900 yòókù ò ní nǹkan kan, àmọ́ 5% nínú wọn, ìyẹn 495, á ṣì gba pọ́sítíìfù. Gbogbo pọ́sítíìfù wá di 585, 90 péré ló jẹ́ òótọ́:

```
PPV = 90 / 585 = 15.4%
NPV = 9405 / 9415 = 99.9%
```

Àyẹ̀wò kan náà o! Sẹnsitífítì ò yí padà, sìpẹsifísítì náà ò yí padà. Bí àìsàn ṣe wọ́pọ̀ tó ló yí padà. Ẹni tó bá gba nẹ́gétíìfù nílùú yìí lè fọkàn balẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n ẹni tó gba pọ́sítíìfù nílò àyẹ̀wò míì kí wọ́n tó fún un lóògùn.

Ìdí tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi yí ìmọ̀ràn rẹ̀ lórí kòkòrò éèdì padà ní 2019 nìyí. Bí wọ́n ṣe ń tọ́jú àwọn tó ní in, àwọn tí kò tíì mọ̀ pé àwọn ní in ń dín kù láàárín àwọn tó ń wá ṣe àyẹ̀wò, PPV sì ń wálẹ̀. Ni àjọ náà bá ní kí gbogbo orílẹ̀-èdè rí pọ́sítíìfù mẹ́ta léra wọn kí wọ́n tó sọ fún èèyàn pé ó ní kòkòrò náà.