Ohun Tí Táyà Iwájú Ń Sọ

Kí ẹ tó kó àwọn ọmọ sọ́kọ̀ láti Wagadúgù lọ sí Bóbò-Diùláásò, ẹ fọwọ́ pa táyà iwájú láàárọ̀, nígbà tó ṣì tutù. Bí etí méjèèjì bá ti jẹ, afẹ́fẹ́ rẹ̀ kò tó. Nínú ooru, irú táyà bẹ́ẹ̀ lè bẹ́ lójú ọ̀nà. Bí ó bá jẹ́ àárín nìkan, afẹ́fẹ́ ti pọ̀ jù. Ẹ jẹ́ kó bá iye tí wọ́n kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn awakọ̀ mu.

Bí etí kan ṣoṣo bá jẹ, ẹsẹ̀ táyà ló ti wọ́. Kí mẹkáníìkì kọ́kọ́ mi búṣì àti bọ́ọ̀lù-jọ́ìntì wò. Bí wọ́n bá ti yẹ̀, kó pààrọ̀ wọn kó tó ṣe aláímẹ́ńtì, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, táyà tuntun náà yóò tún jẹ.