Bí A Ṣe Ń Yẹ Ọfà Inú Àwòrán Kíláàsì Wò

Ká mú àwòrán kíláàsì UML ti yunifásítì kan. Àpótí márùn-ún ló wà nínú rẹ̀: `Yunifasiti`, `Eka`, `Osise`, `Oluko` àti `Akowe`. Kíláàsì ni àpótí kọ̀ọ̀kan, ìyẹn irú ohun kan tí ètò kọ̀ǹpútà yóò máa tọ́jú àkọsílẹ̀ rẹ̀. Ìlà ló so wọ́n pọ̀, àmì tó wà lẹ́nu ìlà la fẹ́ yẹ̀ wò.

Ọfà ìjogún ni mo máa ń kọ́kọ́ wò, torí ó rọrùn láti dán wò. Ìlà rẹ̀ kì í já, onígun mẹ́ta tó ṣófo ló wà lẹ́nu rẹ̀, òbí ni onígun mẹ́ta yẹn sì gbọ́dọ̀ kọjú sí. Ẹ kà á láti ọ̀dọ̀ ọmọ: "Gbogbo olùkọ́ ni òṣìṣẹ́." Òótọ́ ni, ọfà láti `Oluko` sí `Osise` tọ̀nà. Bí wọ́n bá yí i padà, gbogbo òṣìṣẹ́ ti di olùkọ́ nìyẹn, àti akọ̀wé pẹ̀lú. Àṣìṣe tó ṣòro jù láti rí ni kí wọ́n fi ọfà yìí so `Eka` mọ́ `Yunifasiti`, torí pé abẹ́ yunifásítì ni ẹ̀ka wà. Ẹ kà á: "Gbogbo ẹ̀ka ni yunifásítì." Irọ́ ni. Apá kan lára odidi ni ẹ̀ka, dáyámọ́ńdì ló yẹ ìlà náà.

Ẹ̀gbẹ́ odidi ni dáyámọ́ńdì máa ń wà. Èyí tó dúdú ń sọ pé odidi ló ni apá: bí a bá pa yunifásítì rẹ́ nínú ètò, ẹ̀ka tó ṣì wà nínú rẹ̀ á bá a lọ. Ó ṣeé ṣe kí a ti yọ ẹ̀ka kan kúrò ṣáájú kó má bàa parẹ́. UML gbà bẹ́ẹ̀, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má fi ìyẹn nìkan sọ pé dáyámọ́ńdì dúdú kò tọ́.

Nọ́ńbà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ dáyámọ́ńdì ló máa ń tú àṣírí. Ká ní wọ́n fi dúdú so `Oluko` mọ́ `Eka`, tí wọ́n wá kọ `1..*` sí ìdí `Eka`. Nọ́ńbà yẹn ní olùkọ́ kan lè wà ní ẹ̀ka méjì. Dáyámọ́ńdì dúdú ní odidi kan ṣoṣo ló lè ni apá lẹ́ẹ̀kan náà. Wọn ò lè jọ jẹ́ òótọ́. `1` tàbí `0..1` nìkan ló lè wà níbẹ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe ìwé àwọn òṣìṣẹ́ bóyá olùkọ́ máa ń kọ́ni ní ẹ̀ka méjì. Bí wọ́n bá ní bẹ́ẹ̀ ni, dúdú gbọ́dọ̀ kúrò.

Ṣé kí a wá fi dáyámọ́ńdì tó ṣófo rọ́pò rẹ̀? A lè ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ìlànà àjọ OMG, tó gba UML wọlé ní 1997, kò so ìtumọ̀ kan pàtó mọ́ ọn. Ó fi í sílẹ̀ fún ẹni tó ń yàwòrán. Bí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ náà kò bá lè sọ ohun tí ó fi kún ọ̀rọ̀, èmi á fa ìlà lásán láàárín `Eka` àti `Oluko`, màá sì fi nọ́ńbà sí ìdí méjèèjì.