Tí àròpọ̀ owó kò bá bára mu, ẹ kọ́kọ́ fi 9 pín ìyàtọ̀ rẹ̀

Ẹ jẹ́ ká ní akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹsẹ́kù kan ń tẹ lẹ́jà tí wọ́n fọwọ́ kọ sínú kọ̀ǹpútà. Àròpọ̀ ojú ewé kan nínú ìwé jẹ́ 86,350 náírà, ṣùgbọ́n 86,890 ni kọ̀ǹpútà gbé jáde. Owó ẹnì kan ti lé, a ò sì mọ ti ta ni.

Kó tó máa yẹ orúkọ wò níkọ̀ọ̀kan, kó yọ kékeré kúrò nínú ńlá. Ó ku 540. Tó bá fi 9 pín in, 60 ni, kò ṣẹ́ nǹkan kan kù. Ó ṣeé ṣe nìyẹn kí nọ́ńbà méjì ti gba àyè ara wọn. 6 inú 60 ń sọ pé ọ̀kan fi 6 ju èkejì lọ. Òdo kan ẹ̀yìn rẹ̀ ń sọ pé ipò ọgọ́rùn-ún àti ipò ẹ̀wá ni wọ́n wà. Kó wá ibi tí 60, 71, 82 tàbí 93 bá wà ní ipò méjèèjì yẹn. Ó rí 2,710. Ó ṣí lẹ́jà, 2,170 ló bá níbẹ̀.

Pọ́ìntì tó ṣìnà náà kì í bọ́ lọ́wọ́ 9. Tí wọ́n bá gbàgbé pọ́ìntì inú 4,500.00, ó di 450,000. Ìyàtọ̀ rẹ̀ jẹ́ 445,500. Ẹ fi 99 pín in, 4,500 gan-an ló máa jáde.

Àṣìṣe méjì lójú ewé kan lè da gbogbo rẹ̀ rú, torí náà ojú ewé kọ̀ọ̀kan ni kí wọ́n máa rò lọ́tọ̀. Tí 9 kò bá sì pín ìyàtọ̀ náà tán, ẹ wò ó bóyá wọ́n fo ìlà kan, tàbí wọ́n ka 1 sí 7.