Ọ̀fun Tó Ń Dùn àti Kápúsù Tí Kò Kàn Án

Bí ọ̀fun bá ń dun ọmọ, tí kò lè gbé oúnjẹ mì, kẹ́míìsì ni ọ̀pọ̀ ìyá kọ́kọ́ ń sá lọ. Ẹni tó ń ta oògùn á nawọ́ mú amọ́síìlìnì. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ọmọ á máa sáré kiri, gbogbo ilé á sì gbà pé kápúsù ló wò ó sàn. Àmọ́ nínú ọmọdé mẹ́wàá tí ọ̀fun ń dùn, nǹkan bí méje ló jẹ́ pé fáírọ́ọ̀sì ló ń bá wọn jà, ọ̀fun wọn ì bá sì sàn láàárín ọ̀sẹ̀ kan láìlo oògùn náà rárá.

Bakitéríà jẹ́ ohun abẹ̀mí tó dá dúró. Bí kò tilẹ̀ ṣeé fojú rí, ó ń jẹun, ó ń dàgbà, ó sì ń pín ara rẹ̀ sí méjì. Èyí tó sábà máa ń bá ọ̀fun jà ni sitirẹpitokọ́kọ́ọ̀sì. Ó ní ògiri líle tó yí i ká, torí pé omi kì í yé fẹ́ wọ inú rẹ̀. Bí ògiri náà bá yẹ̀, ṣe ló máa bẹ́. Bó sì ṣe ń dàgbà, dandan ni kó máa tú ògiri yìí, kó sì tún máa mọ ọ́n. Ibẹ̀ gan-an ni pẹnisílìnì, tí Alexander Fleming ṣàwárí ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1928, ti ń mú un, bẹ́ẹ̀ náà ni amọ́síìlìnì tó jẹ́ ọmọ ìyá rẹ̀. Oògùn náà á rọ̀ mọ́ irinṣẹ́ tí bakitéríà fi ń so ògiri pọ̀, ògiri á sán, omi á ya wọlé, kòkòrò náà á sì bẹ́. Sẹ́ẹ̀lì ara tiwa kò ní irú ògiri bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí oògùn fi ń pa kòkòrò náà tí kì í sìí pa wá.

Ohun tó gbà wá náà ló gba fáírọ́ọ̀sì. Kò ní ògiri tí oògùn lè bà jẹ́. Kì í jẹun, kò sì lè bí ọmọ fúnra rẹ̀; kò ju okùn tín-ín-rín tó gbé ìlànà dání, tí purotéènì bò. Bó bá wọ inú sẹ́ẹ̀lì wa, á di àlejò tó gba ilé ìdáná onílé, tó ń fi ìkòkò àti iná onílé se oúnjẹ tirẹ̀. Àwọn oògùn mìíràn bíi tẹtirasáíkílìnì, kápúsù aláwọ̀ pupa àti yẹ́lò tí gbogbo wa mọ̀, ẹ̀rọ tí bakitéríà fi ń ṣe purotéènì ni wọ́n ń dí lọ́wọ́. Fáírọ́ọ̀sì kò ní ẹ̀rọ tirẹ̀, tiwa ló ń lò. Nítorí náà, bí a lo kápúsù kan tàbí mẹ́wàá, kò kàn án. Àwọn oògùn kan wà fún fáírọ́ọ̀sì, irú èyí tí wọ́n fi ń tọ́jú àrùn HIV, ṣùgbọ́n oògùn ọ̀tọ̀ nìyẹn.

Báwo la ṣe máa wá mọ èwo ló wà lọ́fun ọmọ? Bí ọ̀fìnkìn, ikọ́ àti ohùn híhá bá bá a rìn, fáírọ́ọ̀sì ló ṣeé ṣe jù. Kí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ di aláwọ̀ ewé kò fi hàn pé bakitéríà ni, torí àwọn ọmọ ogun ara wa ló ń sọ ọ́ di bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí a mú ọmọ ọdún méje kan tí ọ̀fun ṣàdédé ń dùn, tí ibà mú, tí kò wúkọ́, tí kókó tó ń dùn yọ lábẹ́ àgbọ̀n rẹ̀, tí ọyún funfun sì wà lára ẹran méjèèjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀fun rẹ̀. Ti ọmọ yìí lè jẹ́ sitirẹpitokọ́kọ́ọ̀sì, síbẹ̀ àmì wọ̀nyí nìkan kò tó láti fi dájọ́. Ó yẹ kí wọ́n fi òwú nu ọ̀fun rẹ̀, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò ní láàbù. Dídúró de èsì fún ọjọ́ méjì kò léwu, nítorí bí ìtọ́jú bá bẹ̀rẹ̀ láàárín ọjọ́ mẹ́sàn-án, ó ṣì lè dènà àìsàn tó ń ti ibẹ̀ wá, tó ń ba àwọn ilẹ̀kùn inú ọkàn jẹ́. Bí èsì bá ní bakitéríà ni, ọjọ́ mẹ́wàá gbáko ni wọ́n sábà máa ń ní kó fi lo amọ́síìlìnì, bí ara rẹ̀ bá tilẹ̀ ti yá lọ́jọ́ kẹta.

Ọmọ tó lò ó nígbà tí fáírọ́ọ̀sì ló ń bá a jà kò bọ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Oògùn náà á pa bakitéríà rere inú ìfun, ìgbẹ́ gbuuru lè bẹ̀rẹ̀, èyí tí oògùn kò sì ràn nínú bakitéríà tó kù ni yóò máa bí sí i. Fáírọ́ọ̀sì kan tilẹ̀ wà, Epstein-Barr, tó jẹ́ pé bí a bá fún ẹni tó ní in ní amọ́síìlìnì, ara rẹ̀ lè sú wìì, àwọn òbí á sì máa rò títí ayé pé pẹnisílìnì kò bá ọmọ wọn lára mu.

Ọmọ tí kò lè gbé itọ́ mì, tàbí tí mímí rẹ̀ ń dún, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ kíákíá. Bákan náà ni ti ẹni tí ọ̀fìnkìn rẹ̀ ti ń lọ sílẹ̀, tí ibà líle wá padà dé pẹ̀lú etí dídùn tàbí mímí gúlegúle, nítorí bakitéríà lè wọlé lẹ́yìn tí fáírọ́ọ̀sì bá ti ṣí ọ̀nà sílẹ̀.