Kíláàsì Méjì, Ìpíndọ́gba Kan

Ká sọ pé olùkọ́ ìṣirò kan dán kíláàsì méjì wò lórí bí a ṣe ń ro ìdá pọ̀. Ìbéèrè kan náà ló fún wọn, 20 ni gbogbo máàkì, ọmọ mẹ́wàá mẹ́wàá ló sì wà ní kíláàsì kọ̀ọ̀kan. Ó ro máàkì kíláàsì A pọ̀, ó rí 120. Ó ro ti kíláàsì B, 120 náà ló tún rí. Nígbà tó pín in sí ọ̀nà mẹ́wàá, 12 ni ìpíndọ́gba àwọn méjèèjì. Bó bá jẹ́ ìpíndọ́gba nìkan ló kọ sínú ìwé, ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ tó bá yẹ̀ ẹ́ wò yóò gbà pé bákan náà ni kíláàsì méjèèjì ṣe mọ ìdá sí.

Máàkì àwọn ọmọ náà sọ ohun mìíràn. Ní kíláàsì A, wọ́n gba 10, 11, 11, 12, 12, 12, 12, 13, 13 àti 14. Ní kíláàsì B, wọ́n gba 4, 5, 6, 8, 11, 14, 16, 18, 19 àti 19. Kò sí ẹni tó bọ́ sísàlẹ̀ 10 ní A, kò sì sí ẹni tó kọjá 14. Ní B, àwọn ọmọ kan fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo máàkì tán, àwọn mìíràn ò sì tíì mọ ibi tí wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀. Kò tilẹ̀ sí ọmọ kan ṣoṣo ní B tó gba 12, bẹ́ẹ̀ 12 la ní ó dúró fún gbogbo wọn.

Bí máàkì ṣe fọ́nká yí ìpíndọ́gba ká ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín kíláàsì méjèèjì. Òṣùwọ̀n tí àwọn oníṣirò fi ń wọn ìfọ́nká yìí ni sitándáàdì difiéṣọ̀n, tí a ó máa pè ní ìyapa òṣùwọ̀n níhìn-ín. Ọdún 1893 ni Karl Pearson, ọ̀jọ̀gbọ́n ìṣirò ní Lọ́ńdọ̀n, fún un ní orúkọ tó ń jẹ́ lágbàáyé títí dòní. Olùkọ́ tó bá mọ àròpọ̀, ìyọkúrò, ìsọdipúpọ̀ àti ìpín lè ṣe é lórí ìwé láìlo ẹ̀rọ kankan.

Ohun àkọ́kọ́ ni láti mọ bí ọmọ kọ̀ọ̀kan ṣe jìnnà sí ìpíndọ́gba tó. Ní kíláàsì B, ọmọ tó gba 4 fi máàkì 8 wà lẹ́yìn 12. Ọmọ tó gba 19 fi máàkì 7 wà níwájú rẹ̀. Bí olùkọ́ bá wá fẹ́ mọ ìpíndọ́gba àwọn ìyapa wọ̀nyí, ìṣòro kan yóò yọjú lójú ẹsẹ̀. Bó bá ro gbogbo ohun tó wà lẹ́yìn pọ̀, 26 ni. Bó bá ro gbogbo ohun tó wà níwájú pọ̀, 26 náà ni. Ọ̀kan á pa èkejì rẹ́, òfo ni yóò sì kù. Bẹ́ẹ̀ ni yóò rí fún kíláàsì èyíkéyìí, nítorí ibi tí ẹ̀yìn àti iwájú ti dọ́gba gan-an ni ìpíndọ́gba máa ń wà.

Nítorí náà, a ní láti wá ọ̀nà tí ẹ̀yìn kò fi ní pa iwájú rẹ́. Ọ̀nà tí ìyapa òṣùwọ̀n ń gbà ni pé kí á sọ ìyapa kọ̀ọ̀kan di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀. Ìyapa 8 di 64, 7 di 49, 6 di 36, 1 kò kúrò ní 1. Yálà ọmọ náà wà lẹ́yìn tàbí níwájú, iye tó máa jáde kì í lọ sísàlẹ̀ òfo. Ìgbésẹ̀ yìí tún ń ṣe nǹkan pàtàkì kan: ó ń fún àwọn tó jìnnà gan-an ní agbára ju àwọn tó súnmọ́ lọ. Ọmọ tó yapa pẹ̀lú máàkì 8 yapa ní ìlọ́po méjì ẹni tó yapa pẹ̀lú 4, ṣùgbọ́n 64 jẹ́ ìlọ́po mẹ́rin 16.

Fún kíláàsì B, iye mẹ́wẹ̀ẹ̀wá tó jáde ni 64, 49, 36, 16, 1, 4, 16, 36, 49 àti 49. Àròpọ̀ wọn jẹ́ 320. Tí a bá pín in fún ọmọ mẹ́wàá, 32 la ó rí. Ṣùgbọ́n 32 yìí kì í ṣe máàkì mọ́, nítorí a ti sọ máàkì di púpọ̀ pẹ̀lú máàkì. Láti padà sí máàkì lásán, a ó wá nọ́ńbà tó jẹ́ pé bí a bá sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀, 32 ni yóò fún wa. Nọ́ńbà náà tó 5.7. Ìyapa òṣùwọ̀n kíláàsì B nìyẹn.

Ti kíláàsì A yá ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ mẹ́rin kò yapa rárá, mẹ́rin yapa pẹ̀lú máàkì kan, méjì yapa pẹ̀lú máàkì méjì. Àròpọ̀ iye tó jáde jẹ́ 12, ìpín rẹ̀ jẹ́ 1.2, nọ́ńbà tí a ń wá sì súnmọ́ 1.1. Báyìí, olùkọ́ lè kọ ọ́ sínú ìwé pé kíláàsì A ní ìpíndọ́gba 12 àti ìyapa òṣùwọ̀n 1.1, kíláàsì B ní 12 àti 5.7.

Ohun tí èyí túmọ̀ sí fún iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ hàn kedere. Ní A, ẹ̀kọ́ kan lè tó gbogbo wọn, nítorí ibi kan náà ni wọ́n wà. Ó ṣeé ṣe kí gbogbo wọn mọ bí a ṣe ń ro ìdá tí ìsàlẹ̀ wọn dọ́gba pọ̀, kí wọ́n sì ṣubú níbi tí ìsàlẹ̀ ti yàtọ̀. Bí olùkọ́ bá fi ẹ̀kọ́ kan náà siṣẹ́ ní B, yóò ga ju àwọn kan lọ, yóò sì sú àwọn mìíràn. Yóò ní láti pín wọn sí ìsọ̀rí.

Kíkéré ìyapa òṣùwọ̀n kì í ṣe oríyìn fún kíláàsì o. Bí ìbéèrè bá rọrùn jù, gbogbo ọmọ ni yóò gba 18 tàbí 19, ìyapa òṣùwọ̀n á sì kéré, síbẹ̀ a kò tíì mọ ẹni tó mọ̀ ọ́n jù. Bí àwọn ọmọ bá jí ìwé ara wọn wò, máàkì wọn á tún súnmọ́ra. Ìwé ìdáhùn ni olùkọ́ yóò yẹ̀ wò nírú àsìkò bẹ́ẹ̀, pàápàá bóyá àṣìṣe kan náà ló ń hàn nínú ìwé àwọn tó jókòó tira wọn.

Ibì kan wà tí agbára òṣùwọ̀n yìí pin sí, ó sì yẹ kí olùkọ́ mọ̀ ọ́n dáadáa. Ẹ wo kíláàsì kẹta, C, tó ṣe ìdánwò kan náà: 1, 1, 13, 13, 14, 14, 15, 15, 17 àti 17. Àròpọ̀ wọn jẹ́ 120, ìpíndọ́gba wọn jẹ́ 12. Tí a bá ṣe ìṣirò ìyapa wọn, 320 náà la ó rí, ìyapa òṣùwọ̀n wọn yóò sì jẹ́ 5.7 gẹ́lẹ́ bíi ti B. Síbẹ̀, B ti pín sí ìpele oríṣiríṣi láti ìsàlẹ̀ dókè, nígbà tí ọmọ mẹ́jọ ní C ń ṣe dáadáa, tí méjì péré sì ṣubú pátápátá. Ó lè jẹ́ pé àwọn méjì yìí kò sí nílé-ẹ̀kọ́ lọ́sẹ̀ tí a kọ́ wọn ní ìdá. Ẹ̀kọ́ àfikún fún ọmọ méjì ni C nílò, B kò sì lè ti ibẹ̀ rí ojútùú. Ìyapa òṣùwọ̀n ń sọ bí ìfọ́nká ṣe pọ̀ tó; kì í sọ bí ó ṣe rí. Ìdí nìyẹn tí olùkọ́ fi gbọ́dọ̀ to máàkì láti kékeré sí ńlá, kí ó sì fi ojú ara rẹ̀ wò wọ́n.

Èyí náà ló ń tú àṣìṣe kan tó wọ́pọ̀ fó. Àwọn kan ti kọ́ ọ pé nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn ọmọ ló máa ń wà láàárín ìyapa òṣùwọ̀n kan sí ẹ̀yìn àti sí iwájú ìpíndọ́gba. Òótọ́ ni, bí ọ̀pọ̀ máàkì bá kó jọ sí àárín, tí wọ́n sì ń dínkù díẹ̀díẹ̀ lọ sí ìhà méjèèjì. Ní kíláàsì B, láti 6.3 sí 17.7 ni àlàfo náà, ọmọ mẹ́rin péré nínú mẹ́wàá ló sì bọ́ sínú rẹ̀.

Ọmọ tí kò wá ṣe ìdánwò tún máa ń da ìṣirò rú. Bí olùkọ́ bá fi ọmọ kọkànlá kún kíláàsì A, tó kọ òfo fún un nítorí pé kò wá, ìpíndọ́gba á bọ́ sí 10.9, ìyapa òṣùwọ̀n á sì fò láti 1.1 sí 3.6. Bí iye náà bá ga lójijì nínú kíláàsì tí máàkì wọn súnmọ́ra, ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí ó wá ni òfo kan tí kì í ṣe máàkì. Lórí kọ̀ǹpútà, inú Excel ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ ń kó máàkì sí. Bí máàkì bá wà láti B2 dé B11, èyí ni yóò tẹ̀:

```
=STDEV.P(B2:B11)
```

Excel kì í ka àpótí tó ṣófo mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ó máa ń ka 0. Nítorí náà, kí olùkọ́ fi àpótí ọmọ tí kò wá sílẹ̀ lófìfo. `STDEV.S` wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ṣùgbọ́n 9 ni yóò fi pín 320 dípò 10, yóò sì fún kíláàsì B ní nǹkan bí 6.0. Ìgbà tí a bá mú ọmọ díẹ̀ láti fi ṣojú ọ̀pọ̀ ni ìyẹn wà fún. Bó bá jẹ́ odindi kíláàsì ló wà lọ́wọ́, `STDEV.P` ló yẹ. Kí ó sì rí i pé iye kan náà ni gbogbo máàkì àwọn ìdánwò tó fẹ́ fi wéra: 5.7 nínú 20 di nǹkan bí 28 nígbà tí a bá sọ máàkì di ti 100.

Ká wá sọ pé olùkọ́ kọ́ kíláàsì B ní ìdá lẹ́ẹ̀kan sí i, tó sì tún dán wọn wò pẹ̀lú ìbéèrè tí kò le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ìpíndọ́gba wọn di 14. Bó bá jẹ́ pé ìyapa òṣùwọ̀n ṣì wà ní nǹkan bí 5.7, àlàfo tó wà láàárín wọn kò tíì dínkù. Ó ṣeé ṣe kí gbogbo wọn ti jọ sún síwájú. Ṣùgbọ́n bí àwọn márùn-ún tó wà nísàlẹ̀ bá fi máàkì mẹ́rin mẹ́rin kún tiwọn, tí àwọn tó kù kò sì kúrò níbi tí wọ́n wà, 14 náà ni ìpíndọ́gba, ìyapa òṣùwọ̀n á sì lọ sílẹ̀ sí 3.9. Àwọn tó wà lẹ́yìn ni ẹ̀kọ́ náà ràn lọ́wọ́ nígbà náà, àwọn ọmọ márùn-ún tó wà lókè ni olùkọ́ yóò sì wá ìbéèrè tó le jù bẹ́ẹ̀ fún.