Ta Ló Ni Wákàtí Kan Yẹn?

Ní ilé búrẹ́dì kan tí mo ti ṣe alábòójútó rí, ìlà kan péré ni ọ̀gá ní kí n kọ sára ògiri: “Láti ọjọ́ Ajé, iṣẹ́ àárọ̀ yóò máa bẹ̀rẹ̀ ní aago 6.” Mo kọ ọ́, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn. Nígbà tí ọjọ́ Ajé pé, àwọn ará àárọ̀ dé ní aago 6 lóòótọ́. Wọ́n ṣe wákàtí 8 wọn pé, wọ́n sì lọ sílé ní aago 2. Àwọn ará ọ̀sán, tí ìkéde náà kò dárúkọ wọn, dé ní aago 3 bí wọ́n ti ń ṣe tẹ́lẹ̀. Fún odidi wákàtí kan, ìyẹ̀fun tí wọ́n ti pò wà nílẹ̀, kò sẹ́ni tí yóò kó o sínú ààrò. Yíìsì kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ìyẹ̀fun náà wú kọjá bó ṣe yẹ, ó sì rì padà. A kó o dà nù.

Kò sí irọ́ nínú ohun tí mo kọ. Ohun tí ilé iṣẹ́ fẹ́ ni mo sọ, n kò sọ ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan máa ṣe. Ṣíìfù mẹ́ta la ní: aago 7 àárọ̀ sí 3 ọ̀sán, 3 sí 11 alẹ́, àti 11 alẹ́ mọ́jú sí 7. Ọwọ́ ara wọn ni wọ́n ti ń gba iṣẹ́, nítorí náà bí o bá sún ọ̀kan, o ti sún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bí àárọ̀ bá sì fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní wákàtí kan ṣáájú, ó di dandan kí àwọn kan ṣe wákàtí 7 dípò 8 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ta ni? Ìkéde tí kò bá dáhùn ìbéèrè yìí ti fi wákàtí kan sílẹ̀ láìní olówó.

Ọ̀gá dá wa padà sí àkókò àtijọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, mo sì tún un kọ:

“Òru Àìkú mọ́jú Ajé, ọjọ́ 8 sí 9 oṣù Kẹta: ẹ wọlé ní aago 11 alẹ́ bíi ti tẹ́lẹ̀, ẹ jáde ní aago 6 àárọ̀. Wákàtí 7 lẹ ó ṣe, owó wákàtí 8 lẹ ó gbà. Àárọ̀ Ajé: aago 6 sí 2 ọ̀sán. Ọ̀sán Ajé: aago 2 sí 10 alẹ́. Òru Ajé mọ́jú Ìṣẹ́gun: aago 10 alẹ́ sí 6 àárọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni yóò máa rí lọ.”

Ọ̀rọ̀ “mọ́jú” yẹn ṣe pàtàkì. Bí o bá kọ “òru ọjọ́ Ajé” nìkan, àwọn kan á rò pé òru tí Ajé fi mọ́ ni, àwọn mìíràn á rò pé èyí tó tẹ̀ lé e ni. N kò sì kọ “òní ọjọ́ mẹ́jọ”. Àgbàlagbà á ka òní mọ́ ọn, yóò sì bọ́ sí ọjọ́ kan náà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọ̀dọ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í kà láti ọ̀la á dé ní ọjọ́ kejì rẹ̀.

Apá keje Òfin Iṣẹ́ ti Nàìjíríà, tó ti wà láti ọdún 1974, ní kí agbanisíṣẹ́ fi ìwé sọ fún òṣìṣẹ́ bí àkókò iṣẹ́ rẹ̀ bá yí padà, kó má sì ju oṣù kan lọ lẹ́yìn ìyípadà náà. Ní tèmi, lẹ́yìn ìyípadà ti pẹ́ jù. Ìyá tó ní láti wà níbi iṣẹ́ ní aago 6 gbọ́dọ̀ wá ẹni tí yóò mú ọmọ rẹ̀ dé iléèwé, kì í sì í ṣe ohun tí a ń ṣètò lálẹ́ ọjọ́ kan.

Ìwé nìkan kò tó. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kà á sókè, nígbà tí ṣíìfù kọ̀ọ̀kan ń gbaṣẹ́ lọ́wọ́ èkejì. N kò bi wọ́n pé “Ṣé ó yé yín?”, nítorí kò sẹ́ni tó máa fẹ́ sọ lójú ọ̀gá pé kò yé òun. Ohun tí mo bi wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan ni pé, “Aago mélòó lẹ máa jáde láàárọ̀ Ajé?” Nínú àwọn ará òru, ẹni méjì dá mi lóhùn pé aago 7. Ibẹ̀ ni mo ti mọ àwọn tó yẹ kí n tún ṣàlàyé fún. Mo yọ ìwé àtijọ́ kúrò lára ògiri, mo sì fóònù ẹni kan tó wà ní ìsinmi.

Ẹni tí mo bi kẹ́yìn ni Màmá tó ń mú kọ́kọ́rọ́ yàrá ìyẹ̀fun lọ́wọ́. Ní ọjọ́ Ajé àkọ́kọ́, àpò tó ṣẹ́ kù lọ́wọ́ àwọn ará òru ni àwọn ará àárọ̀ fi bẹ̀rẹ̀, nítorí náà kò sẹ́ni tó rántí wọn.

“Màmá, aago mélòó lẹ máa dé ní ọjọ́ Ajé?”

“Aago 7 ni, ọmọ mi. Mo ti ka ìwé yẹn. Àárọ̀, ọ̀sán, òru ni mo rí níbẹ̀. Èmi kì í ṣe ará ìkankan nínú wọn.”

Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ wọn, mo ní kí wọ́n jẹ́ ká jọ wo bí ó ṣe máa rọrùn fún wọn láti tètè dé. Lẹ́yìn náà ni mo mú bírò, mo fi ìlà kan sí i lókè pátápátá: “Yàrá ìyẹ̀fun yóò máa ṣí ní aago 5 àbọ̀ àárọ̀.”