₦53.75 Lóṣooṣù: Owó Káàdì Tó Ń Yọ́ Kẹ́lẹ́ Jẹ

Látìgbà tí CBN ti fòpin sí gbígba owó lọ́fẹ̀ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta lóṣù nínú ATM báǹkì ẹlòmíì, ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹta ọdún 2025, ariwo ₦100 lórí ₦20,000 ló gba ẹnu àwọn èèyàn ní Balógun. Ojúkorojú ni wọ́n ń yọ ìyẹn. Owó ìtọ́jú káàdì ni kì í pariwo.

Ìlànà CBN tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2020 sọ pé ₦50 ni báǹkì lè gbà lórí káàdì àkáǹtì sáfíǹsì ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta. Oṣooṣù ni wọ́n ń gbà á tẹ́lẹ̀. Oníkọ́rẹ́ǹtì kì í san án rárá, torí ó ti ń san owó ìtọ́jú àkáǹtì lórí owó tó bá jáde.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé ìyá aláṣọ kan ní Ìdúmọ̀tà, tó ní sáfíǹsì àti káàdì kan ṣoṣo, gba sitétimẹ́ǹtì ọdún 2024. ₦50 pẹ̀lú owó orí VAT, 7.5%, jẹ́ ₦53.75. Lẹ́ẹ̀mẹrin lọ́dún, ₦215 ni. Ṣùgbọ́n nígbà tó ka ìlà "CARD MAINT FEE", 12 ló bá: ₦645. ₦430 ti lé. Ta ni yóò torí ₦53 pa ìsọ̀ tì, kó lọ tò sí báǹkì?

Kó tó fẹ̀sùn kàn wọ́n, kó wo oṣù tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ ìlà kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe ọjọ́ tí owó jáde nìkan. Bí àkáǹtì bá ti gbẹ, gbèsè á máa dúró dè é. Ọjọ́ tí owó bá wọlé, wọ́n lè yọ ti oṣù mẹ́sàn-án lẹ́ẹ̀kan náà. Ìyẹn kì í ṣe àṣìṣe.

Tí ìlà 12 náà bá wá jẹ́ ti oṣù 12 ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ní 2024 lóòótọ́, ímeèlì rẹ̀ kò nílò ìbínú:

"Ẹ yọ owó ìtọ́jú káàdì nígbà 12 ní 2024 lórí àkáǹtì sáfíǹsì mi. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni ìlànà CBN gbà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá ₦430 padà, kí ẹ sì tún bí kọ̀ǹpútà yín ṣe ń yọ ọ́ ṣe. Mo so sitétimẹ́ǹtì mọ́ ọn, mo ti fàlà sí ìlà 12 náà."

Nọ́ńbà àkáǹtì ti tó fún wọn. Kò gbọ́dọ̀ kọ PIN tàbí nọ́ńbà iwájú káàdì. Kó béèrè nọ́ńbà tí wọ́n fi gba ẹjọ́ náà sílẹ̀. Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá láìsí ojútùú, kó fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí cpd@cbn.gov.ng.

Èmi ò rò pé olè ni wọ́n máa ń jà nígbà gbogbo. Mo fura pé ètò oṣooṣù àtijọ́ ni ẹnì kan gbàgbé sínú kọ̀ǹpútà. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, wọ́n lè dá ₦430 padà lónìí, kí ₦53.75 tún jáde lóṣù tó ń bọ̀. Kí ìyá aláṣọ wo oṣù méjì tó tẹ̀ lé e kó tó gbà pé ọ̀rọ̀ ti tán.